Rìsíìtì Ìṣákọ́lẹ̀ Inú Agolo Bàbá Àgbà

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, àbúrò mi obìnrin kan mú ìwé kan wá bá mi. Ó fẹ́ kàwé gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ìbágbépọ̀ àwùjọ àti ìṣèlú, ìjà orí ilẹ̀ sì ni ó fẹ́ ṣe ìwádìí lé lórí. Yunifásítì náà ní kí ó kọ ojú ewé méjì nípa ara rẹ̀: kí ni ó gbé e dé ìdí iṣẹ́ yìí, kí sì ni ó fi yẹ ní ẹni tí a lè gbé e lé lọ́wọ́?

"Láti kékeré ni mo ti kórìíra ìrẹ́jẹ." Báyìí ni ìwé náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ó lo ojú ewé kan àti ààbọ̀ láti ròyìn bí ìdílé kan ṣe gba oko kòkó mọ́ bàbá rẹ̀ lọ́wọ́. Mo kà á, ó dùn mí. Síbẹ̀, mo sọ fún un pé ìwé ẹ̀sùn ni ó kọ.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé irọ́ ni mo pa ni?"

"O ò parọ́. Ṣùgbọ́n àwọn olùkọ́ tí yóò kà á kì í ṣe adájọ́, wọn kò sì lè mọ ẹni tó jàre. Ìbéèrè tí kò jẹ́ kí o sùn ni wọ́n ń wá. Wọ́n sì fẹ́ mọ̀ bóyá o lè jókòó ti ìdílé tí ẹ jọ ń ṣẹjọ́, kí o sì gbọ́ tẹnu wọn dé òpin."

Mo wá bi í léèrè ohun tí bàbá àgbà rẹ̀ ní lọ́wọ́ tó fi hàn pé oko náà jẹ́ tirẹ̀. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní agolo kan wà. Lọ́dọọdún, tí wọ́n bá ti ta kòkó tán, bàbá àgbà a lọ san ìṣákọ́lẹ̀, a gba rìsíìtì, a sì kó o sínú agolo náà. Nígbà tí ọ̀rọ̀ di ti ilé ẹjọ́, bàbá rẹ̀ fi ayọ̀ gbé agolo lọ bá agbẹjọ́rò, kí ayé lè rí i pé olóòótọ́ èèyàn ni bàbá òun. Agbẹjọ́rò wò ó, ó dé agolo náà, ó ní kí wọ́n gbé e padà sílé.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Ní ìlànà ìbílẹ̀ wa, ẹni tí wọ́n fún ní ilẹ̀ dáko láìjẹ́ ọmọ ìdílé tó ni ín ni ó ń san ìṣákọ́lẹ̀. Igi kòkó tó gbìn jẹ́ tirẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ sì lè jogún rẹ̀. Ilẹ̀ tí igi náà dúró lé kì í ṣe tirẹ̀. Tí ó bá sẹ́ onílẹ̀, ilé ẹjọ́ lè gba ilẹ̀ náà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá àbúrò mi sì ti sọ ní ilé ẹjọ́ pé tiwọn ni ilẹ̀. Ìwé tí bàbá àgbà tọ́jú láti fi dáàbò bo oko rẹ̀ ti di ẹ̀rí lòdì sí àwọn ọmọ rẹ̀.

Mo ní, "Ibi tí ìwé rẹ ti bẹ̀rẹ̀ gan-an nìyẹn." Ó padà lọ, ó sì kọ ìpínrọ̀ yìí:

"Bàbá àgbà mi tọ́jú rìsíìtì ìṣákọ́lẹ̀ nítorí ó gbà pé òun ni yóò dáàbò bo oko rẹ̀. Lójú agbẹjọ́rò wa, ìwé kan náà fi hàn pé àlejò ni wá lórí ilẹ̀ náà. Mo fẹ́ mọ bí owó kékeré kan ṣe jẹ́ ààbò fún ìran kan, tó sì di ewu fún ìran kejì, àti ẹni tó ní àṣẹ láti sọ ohun tí sísan rẹ̀ túmọ̀ sí."

Ìyàtọ̀ wà. Ìṣákọ́lẹ̀ lè kéré, ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ẹni tó bá san án ti gbà pé ẹlòmíràn ni onílẹ̀. Ẹni tó sì gbà á ti di aláṣẹ. Christian Lund, tó ṣe ìwádìí lórí ilẹ̀ ní Gánà, fi hàn pé bí àṣẹ ṣe ń fìdí ohun ìní múlẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ohun ìní ń fìdí àṣẹ múlẹ̀. Àbúrò mi kò nílò ju gbólóhùn kan lọ láti fi hàn pé òun mọ ibi tí ọ̀rọ̀ òun ti wọ inú àríyànjiyàn yìí.

Lẹ́yìn náà ló yẹ kí ìbéèrè rẹ̀ jáde kúrò ní agboolé wọn. Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà. Àwọn kan tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ ní ó ti parí nìyẹn. Àwọn onílẹ̀ kò gbà. Ní 1991, nínú ẹjọ́ Abíóyè àti Yàkúbù, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní òfin náà kò pa àjọṣe onílẹ̀ àti ẹni tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ rẹ́. Ṣé ìdájọ́ ti parí ìjà? Láàárín Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́, níbi tí ọ̀rọ̀ ìṣákọ́lẹ̀ ti wà lára ohun tó ń fa aáwọ̀ tipẹ́tipẹ́, ìjà tún bẹ́ sílẹ̀ ní 1997. Ọ̀rọ̀ ibi tí wọn yóò fi ibùjókòó ìjọba ìbílẹ̀ sí ló tanná ràn án. Ohun tó mú kí èyí jẹ́ ọ̀rọ̀ ìṣèlú nìyẹn: ẹni tí a bá pè ní àlejò lórí oko, a lè pè é ní àlejò nínú ìjọba pẹ̀lú.

Ohun méjì ló kù. Èkínní, kí ó sọ gbangba pé ọmọ àwọn tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ ni òun. Èyí yóò ṣí ilẹ̀kùn kan fún un, yóò sì ti òmíràn, nítorí náà kí ó sọ bí yóò ṣe dé ọ̀dọ̀ àwọn onílẹ̀. Kí ó má sì gbára lé fáìlì ilé ẹjọ́ nìkan. Ẹni tó lówó agbẹjọ́rò ni ó pọ̀ jù nínú fáìlì. Àwọn tó parí ọ̀rọ̀ wọn ní ààfin tàbí ní ìdí igi kòkó kò sí níbẹ̀.

Èkejì ló le jù. Ẹjọ́ wọn kò tíì parí, òun sì fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ pé àwọn ń san ìṣákọ́lẹ̀. Mo ní kí ó lọ ka ìpínrọ̀ náà fún bàbá rẹ̀ kí ó tó fi ránṣẹ́. Ó kà á. Bàbá gbọ́ ọ, ó pẹ́ kí ó tó sọ̀rọ̀, ó ní: "Yọ orúkọ abúlé kúrò, yọ orúkọ wọn, yọ tiwa náà. Agolo náà, fi í sílẹ̀. Òtítọ́ ni."

Ó yọ wọ́n. Nígbà tí mo tún ìwé náà kà, kò sí orúkọ ẹnì kankan nínú rẹ̀, ìbéèrè náà sì dúró ṣinṣin. Ìdánwò tí mo fi ń wo irú ìwé bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó bá ń kọ ti ara rẹ̀ lọ́wọ́, kí ó yọ orúkọ ìdílé rẹ̀ àti ti ọ̀tá rẹ̀ kúrò. Tí ohun tó kù bá ṣì lè mú ẹni tí kò mọ̀ ọ́n béèrè pé, "Kí ló fà á?", ìwé náà ti yẹ ní fífi ránṣẹ́. Tí kò bá kù ju ẹ̀dùn ọkàn lọ, ilé ẹjọ́ ni àyè rẹ̀.

Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.