Ọmọ iṣẹ́ ni, kì í ṣe ọmọ ọ̀dọ̀

Láwọn ibi iṣẹ́ mẹkáníìkì ní Ìlaròó àti Ayétòrò, kì í ṣe tuntun mọ́ kí ọmọ iṣẹ́ máa pọnmi, kó máa fọṣọ ọ̀gá, kó tún bá a roko láìgba kọ́bọ̀. Bó bá ráhùn, igbátí ni. Bó bá sì sá lọ, gbogbo ọdún tó ti lò di òfo, nítorí ọwọ́ ọ̀gá ni fíríídọ̀mù wà.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bí ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ ọdún 3 bá ń fi ọjọ́ 2 nínú ọjọ́ 6 jíṣẹ́ fún ọ̀gá, odidi ọdún 1 ti bá a lọ. Síbẹ̀, owó fíríídọ̀mù kò ní dín.

Inú ìwé àdéhùn ni ọ̀rọ̀ ti wọ́. Ohun tí òbí yóò san ló sábà máa ń wà níbẹ̀, kì í sọ ohun tí ọ̀gá gbọ́dọ̀ kọ́ ọmọ. Bẹ́ẹ̀, abala 49 àti 50 Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà sọ pé ọmọ tó ti lé lọ́dún 12, tí kò tíì pé 16, gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé náà fúnra rẹ̀. Ẹ̀kọ́ṣẹ́ rẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ ju ọdún 5 lọ. Ìwé ọ̀hún kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ àfi bí òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ bá buwọ́ lù ú.

Kí òbí tó fa ọmọ lé ọ̀gá lọ́wọ́, ó yẹ kí wọ́n kọ ohun tí ọmọ yóò ti mọ̀ lópin ọdún kìíní sínú ìwé. Ẹni tó lo ọdún kan lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, tí kò lè dá tú bíréèkì kó sì tò ó padà, iṣẹ́ ni wọ́n ń rán an, wọn kò kọ́ ọ níṣẹ́.