Orin Kan, Ojúlé Mẹ́ta: Ẹ Jẹ́ Kí A Kà Á Pé

Ẹni méjì lè jiyàn lórí orin kan náà, kí ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì sì jẹ́ òótọ́. Èkíní á ní ìgbà 42 000 ni àwọn ènìyàn ti wo fídíò olórin náà lórí YouTube. Èkejì á ní irọ́ ni, ìgbà 60 000 ni, òun fi ojú òun rí i. Kò sí ẹni tí ó purọ́ nínú wọn. Ojúlé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n gbà wọlé.

Iyàn yìí kì í ṣe eré ọmọdé. Ẹni tí ó fẹ́ pe olórin síbi ìgbéyàwó tàbí ọdún ìlú a máa wo iye yìí kí ó tó dá owó lé e. Bí ó bá wo ojúlé kan ṣoṣo, ó lè rẹ́ olórin jẹ láìmọ̀. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ kí ẹ̀yin òǹkàwé wa mọ bí a ṣe ń kà á.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń kà. Ìwò kan ni ìgbà kan tí ẹnì kan ṣí fídíò tí ó sì wò ó. Orin kọ́ ni YouTube ń ka ìwò fún, fídíò kọ̀ọ̀kan ni. Fídíò kọ̀ọ̀kan ní àdírẹ́sì tirẹ̀, tí ó rí báyìí:

```
youtube.com/watch?v=
```

Àmì 11 ni ó máa ń tẹ̀ lé èyí, lẹ́tà àti nọ́ńbà tí a pò mọ́ra. Bí àmì náà bá yàtọ̀, fídíò mìíràn ni, ìwò rẹ̀ sì yàtọ̀, bí orin inú wọn tilẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà.

Ojúlé mẹ́ta ni orin kan sábà máa ń ní. Èkíní ni fídíò ojúlówó, èyí tí olórin yà tí ó sì gbé sí ojú ìkànnì tirẹ̀. Èkejì ni fídíò ọ̀rọ̀ orin, níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń hàn bí ohùn ti ń lọ, kí àwọn ènìyàn lè kà á kí wọ́n sì kọ ọ́. Ẹ̀kẹta ni àwọn àdàkọ tí olólùfẹ́ orin gbé síbẹ̀ fúnra wọn láìgba àṣẹ.

Ká fi àpẹẹrẹ kan ṣe é. Ká sọ pé olórin kan ní Kétu gbé orin jáde. Fídíò ojúlówó ní ìwò 42 000. Fídíò ọ̀rọ̀ orin ní 31 000. A wá àdàkọ kiri, a sì rí márùn-ún: 60 000, 9 000, 4 000, 1 500 àti 500. Àdàkọ márààrún jẹ́ 75 000. Bí a bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó di 148 000. Ìyẹn ni pé àdàkọ nìkan ju ìdajì lọ, ojúlówó kò sì tó ìdá mẹ́ta. Ẹni tí ó wo 42 000 nìkan kò tíì rí olórin yìí. Igi kan kì í dágbó ṣe.

Kí ni ó dé tí àdàkọ kan fi ju ojúlówó lọ? Orúkọ ni ó sábà máa ń fà á. Olórin lè kọ àkọlé orin rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo àmì ohùn, kí olólùfẹ́ sì kọ ọ́ bí àwọn ènìyàn ti ń tẹ̀ ẹ́ lórí tẹlifóònù, láìsí àmì kankan, pẹ̀lú orúkọ ìlú lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tí ń wá orin náà á kọ́kọ́ bá ti olólùfẹ́ pàdé. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ wá àdàkọ gbọ́dọ̀ fi oríṣiríṣi àkọlé wá a, kí ó sì tún fi gbólóhùn kan tí gbogbo ènìyàn mọ̀ nínú orin náà wá a.

Irinṣẹ́ kan wà ní YouTube láti ọdún 2007 tí ń ṣọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Content ID ni orúkọ rẹ̀. Ẹni tí ó ni orin á fi ẹ̀dà ojúlówó sílẹ̀, irinṣẹ́ náà á sì máa fi wé àwọn fídíò tí àwọn ènìyàn ń gbé síbẹ̀. Bí ohùn bá bá ohùn mu, ẹni tí ó ni orin lè yan ọ̀kan nínú mẹ́ta: kí ó dí àdàkọ náà, kí ó jẹ́ kí ó wà kí owó ìpolówó ibẹ̀ sì di tirẹ̀, tàbí kí ó kàn máa ṣọ́ ìwò rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí owó tilẹ̀ wá sọ́dọ̀ olórin, ìwò náà kò kúrò lójú ìkànnì olólùfẹ́. Owó lè padà wálé kí iye má padà.

Àwọn kan mọ bí a ṣe ń sá fún irinṣẹ́ yìí. Wọ́n á mú orin yára díẹ̀, tàbí kí wọ́n gbé ohùn sókè. Wọ́n á yí àwòrán padà bí ẹni wo dígí. Ẹ lè fi ojú àti etí mọ̀ ọ́n: ohùn olórin á dàbí ti ọmọdé, àkókò fídíò á kúrú ju ti ojúlówó lọ, ọ̀rọ̀ tí a kọ sára ògiri tàbí aṣọ á sì dojú kọ ẹ̀yìn.

Ẹ ṣọ́ra fún àṣìṣe méjì nígbà tí ẹ bá ń kà. Èkíní, ìwò kì í ṣe ènìyàn. Ẹnì kan lè wo ojúlówó lẹ́ẹ̀mejì, kí ó tún fi fídíò ọ̀rọ̀ kọ́ orin náà lẹ́ẹ̀mẹwàá. Nítorí náà, 148 000 ìwò kì í ṣe 148 000 olùwò. Èkejì, ẹ má ṣe ro orin tí a tún kọ pọ̀ mọ́ àdàkọ. Orin "Love Nwantiti" tí CKay gbé jáde ní ọdún 2019 ní ẹ̀dà mìíràn tí Joeboy àti Kuami Eugene bá a kọ. Ohùn tuntun wọ inú ìyẹn, orin ọ̀tọ̀ sì ni nínú ìṣirò. Bí a bá kà á, kí a sọ pé a kà á.

Èrò wa ni pé kí ẹni tí ń bá olórin ná owó béèrè iye ojúlé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kí olórin náà kọ wọ́n sínú ìwé, lọ́jọ́ kan náà lọ́sẹ̀, àdírẹ́sì, ọjọ́ tí a gbé fídíò jáde àti ìwò, kí ó lè fi hàn èyí tí ó ṣì ń dàgbà àti èyí tí ó ti dúró. Kí ó má ṣe pa fídíò ojúlówó rẹ́ torí àṣìṣe kékeré kí ó tún un gbé: àdírẹ́sì tuntun á bẹ̀rẹ̀ láti òdo, àwọn tí wọ́n ní àdírẹ́sì àtijọ́ lọ́wọ́ á sì yà sọ́dọ̀ àdàkọ. Kí ó má sì ṣe yára dí gbogbo olólùfẹ́ rẹ̀. Nínú àpẹẹrẹ wa, ẹni tí ó bá dí àdàkọ márààrún ti ilẹ̀kùn tí ó ju ìdajì àwọn ìwò rẹ̀ gbà wọlé. Ó sàn kí ó jẹ́ kí wọ́n wà, kí ó gba owó ibẹ̀, kí ó sì kọ àkọlé tirẹ̀ bí àwọn ènìyàn ti ń wá a.

Ní tiwa tí a kàn ń gbádùn orin, iṣẹ́ kékeré kan wà lọ́wọ́ wa. Kí a tó fi fídíò ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́, kí a wo orúkọ ìkànnì tí ó wà lábẹ́ rẹ̀. Bí kò bá jẹ́ ti olórin, kí a wá ti olórin, kí a fi ìyẹn ránṣẹ́.