Ẹ Má Yọ Ohùn Kúrò Nínú Géèmù Wa

Ọ̀rọ̀ kan ń jà ràn-ìn nínú ẹgbẹ́ wa láti ìgbà tí a ti wọlé sáà yìí, mo sì fẹ́ sọ èrò tèmi sí i kí a tó dìbò. Ọ̀rọ̀ géèmù wa ni, "Igba Ọ̀rọ̀". Ẹni tó bá ń ṣe é á gbọ́ ọ̀rọ̀ kan, á rí àwòrán mẹ́rin, á sì fọwọ́ kan èyí tó bá ohun tó gbọ́ mu. Inú Godot la ti ṣe é, ó sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa lórí kọ̀ǹpútà ilé-ìwé. Ṣùgbọ́n a fẹ́ kó máa ṣí nínú bíráúsà, kí àwọn ọmọ lè ṣe é lórí fóònù àwọn òbí wọn nígbà ọlidé láìjẹ́ pé wọ́n ń fi nǹkan kan sórí fóònù onífóònù. Nígbà tí a lọ sí `Project > Export` tí a yan `Web`, ohun tó jáde lé ní 140 mẹ́gábáìtì. Látìgbà náà làwọn kan ti ń sọ pé ká yọ ohùn kúrò, ká fi ọ̀rọ̀ kíkọ pẹ̀lú àmì orí rẹ̀ nìkan sílẹ̀, kó lè fúyẹ́.

Èmi ò fara mọ́ ọn. Òótọ́ ni pé ẹrù wa wúwo. Ṣùgbọ́n ohun tó yẹ ká sọ nù wà nínú ẹrù náà, kì í ṣe ohùn.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ mẹ́rin yìí: ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀. Lójú ìwé, àmì kékeré ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Ọmọ kíláàsì àkọ́kọ́ tó jẹ́ pé Haúsá ló ń gbọ́ ní títì Mahuta níbí, tó jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ló ń gbọ́ ní kíláàsì, tí bàbá àti ìyá rẹ̀ ò sì bá a sọ Yorùbá, ibo ló ti fẹ́ mọ bí àmì yẹn ṣe ń dún? Tó bá rí ọkọ́ lára ògiri, á kà á bó ṣe wù ú. Etí ló máa kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n kí ojú tó mọ̀ ọ́n. Bí a bá yọ ohùn, géèmù àkọ́sórí àmì la ṣe yẹn, kì í ṣe géèmù Yorùbá.

Ó wá yá, ẹ jẹ́ ká tú ẹrù náà wò. Fáìlì ńlá méjì ló wà níbẹ̀. Èkíní ni `index.wasm`, òun ni ẹ́ńjìnì Godot fúnra rẹ̀. Géèmù tó ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo àti èyí tó ní ẹgbẹ̀rún, ẹ́ńjìnì kan náà ni wọ́n á jọ gbé. Tiwa jẹ́ nǹkan bíi 35 mẹ́gábáìtì. Èkejì ni `index.pck`, tí àwòrán, lẹ́tà àti ohùn wa wà nínú rẹ̀. Àwòrán wa ò tó nǹkan. Ohùn ló gba ibẹ̀ tán.

Ìdí nìyí. Igba ọ̀rọ̀ la gbà sílẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan tó ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, nínú fáìlì WAV. Irú fáìlì bẹ́ẹ̀ ń wọn ohùn ní ìgbà 44,100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Báìtì méjì ló fi ń kọ ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan, ó sì ń kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, fún etí ọ̀tún àti etí òsì. Ìyẹn jẹ́ báìtì 176,400 fún ìṣẹ́jú àáyá kan. Tí ẹ bá sọ ọ́ di 600 ìṣẹ́jú àáyá, ó di nǹkan bíi 106 mẹ́gábáìtì. Ẹ fi 35 ti ẹ́ńjìnì kún un, ẹ ti rí 141 yẹn.

Ẹ wá wo ohun tó jẹ́ àṣejù nínú rẹ̀. Nínú ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta yẹn, ìdajì ni ọ̀rọ̀. Ìyókù jẹ́ ìdákẹ́jẹ́ àti ariwo jẹnẹrétọ̀. Tí a bá gé e nínú Audacity, 106 di 53. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń sọ̀rọ̀ síwájú máíkì kan ṣoṣo, nítorí náà ohun kan náà ni etí ọ̀tún àti òsì ń gbọ́. Tí a bá sọ ọ́ di ẹyọ kan, 53 di nǹkan bíi 26. Tí a bá ń wọn ohùn ní ìgbà 22,050 dípò 44,100, 26 di 13. A ti dín in kù sí ìdá mẹ́jọ, a ò sì tíì fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ kankan.

Àwọn kan ń bẹ̀rù pé èyí á ba àmì ohùn jẹ́. Kò lè bà á jẹ́. Àmì ohùn ni bí ọ̀nà ọ̀fun ṣe ń gbọ̀n yára sí. Ti ọkùnrin àgbà sábà máa ń tó 100 ìgbà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ti obìnrin ń tó 200, ti ọmọdé lè tó 300. Ìwọ̀n 22,050 ń gbé ohùn tó ń gbọ̀n títí dé nǹkan bí 11,000 ìgbà. Òkè, ìsàlẹ̀ àti àárín wà níbẹ̀ pé pérépéré. Ohun tó yẹ ká bẹ̀rù ni kí ẹnì kan tún fà á wá sílẹ̀ sí 8,000 nítorí pé ó ṣì fẹ́ kó kéré sí i. Àmì ohùn á ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n s àti ṣ á dàpọ̀, torí pé òkè 4,000 ni èyí tó pọ̀ nínú ariwo s wà. Ìdí kan náà ló fi ń ṣòro láti mọ s yàtọ̀ sí f lórí ìpè fóònù àtijọ́. Ẹ dúró sí 22,050.

Ìgbésẹ̀ tó kù ni ká gbé WAV sínú Ogg Vorbis, tí Godot mọ̀ dáadáa. Àṣẹ kan ṣoṣo ló ń ṣe e, pẹ̀lú méjì tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ:

```
ffmpeg -i oko.wav -ac 1 -ar 22050 -c:a libvorbis -q:a 2 oko.ogg
```

Fáìlì ọ̀rọ̀ kan á wá jẹ́ nǹkan bíi kìlóbáìtì mẹ́wàá. Igba rẹ̀ jẹ́ mẹ́gábáìtì méjì. Láti 106 sí 2, ọ̀rọ̀ ò dín, ohùn ò sì dín.

Ó ku ẹ́ńjìnì. A ò lè gé e, ṣùgbọ́n sáfà lè fún un pọ̀ kó tó fi ránṣẹ́. Pẹ̀lú gzip, `index.wasm` máa ń di nǹkan bí ìdá mẹ́rin ara rẹ̀, ìyẹn mẹ́gábáìtì mẹ́sàn-án. Kì í ṣe gbogbo sáfà ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ o, ẹ má fi ẹnu lásán gbà. Ẹ ṣí géèmù náà nínú Chrome lórí kọ̀ǹpútà, ẹ tẹ F12, ẹ lọ sí `Network`, ẹ fàmì sí `Disable cache`, kí ẹ tún ojú ìwé náà ṣí. Tí ẹ bá tẹ `index.wasm`, ó yẹ kí ẹ rí `Content-Encoding: gzip`. Tí kò bá sí níbẹ̀, tí ìwọ̀n rẹ̀ sì wà ní 35, ẹ jẹ́ ká wá ibòmíràn gbé e sí. Tó bá wà níbẹ̀, gbogbo rẹ̀ jẹ́ mẹ́gábáìtì 11. Lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ń gbé mẹ́gábíìtì kan ní ìṣẹ́jú àáyá, ìyẹn á gba bí ìṣẹ́jú kan ààbọ̀. 141 ì bá gba ìṣẹ́jú 19. Òbí wo ló fẹ́ jókòó ti ìyẹn, pẹ̀lú dátà tó fowó ra?

Àwọn tó fẹ́ ká yọ ohùn ní ẹjọ́ kejì: wọ́n ní ohùn kì í ṣe é gbára lé nínú bíráúsà. Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n ti rí i, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì ní ìdí tirẹ̀.

Àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ kìíní kì í dún. Bíráúsà ò gbà kí ojú ìwé pariwo kí ẹni tó ṣí i tó fọwọ́ kan nǹkan. Lọ́dún 2018 ni Chrome bẹ̀rẹ̀ sí í le koko lórí rẹ̀. Nígbà tí òfin náà dé, ọ̀pọ̀ géèmù orí íńtánẹ́ẹ̀tì yadi. Google fà á sẹ́yìn fún irú ohùn tí géèmù ń lò ní oṣù karùn-ún, ó sì dá a padà ní oṣù kejìlá ọdún kan náà. Géèmù tiwa ń sọ̀rọ̀ bó ṣe ń ṣí, òun ló fà á. Ẹ jẹ́ ká fi bọ́tìnì "Bẹ̀rẹ̀" sójú ewé àkọ́kọ́, kí ọ̀rọ̀ má jáde àyàfi tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́:

```
func _on_bere_pressed():
    $Bere.hide()
    $Ohun.play()
```

Ìkejì, ohùn ń fọ́ bíi rédíò tí kò mú ìkànnì dáadáa lórí fóònù tí agbára rẹ̀ kéré. Ìyẹn léwu fún wa ju fún ẹlòmíràn lọ, torí ohùn tó bá já láàárín lè sọ òkè di àárín. Ohun tó fà á ni pé òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo ló ń ya àwòrán tó tún ń po ohùn. Tí àwòrán bá dá a dúró, ohùn á já. Godot 4.3 tó jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 2024 mú ọ̀nà kan wá tí wọ́n ń pè ní `Sample`: ẹ́ńjìnì á gbé ohùn fún bíráúsà, bíráúsà fúnra rẹ̀ á sì máa gbé e jáde. Ẹ wò ó nínú `audio/general/default_playback_type.web` bóyá òun ló wà níbẹ̀.

Ìkẹta, ohùn eégún wa pòórá. Ẹ rántí eégún tó ń kí ẹni tó bá gba mẹ́wàá léraléra. Lórí kọ̀ǹpútà, ohùn rẹ̀ ń já bí ará ọ̀run. Nínú bíráúsà, ohùn ọmọ SS2 kan báyìí la gbọ́. `Sample` yìí ló fà á, torí pé kò ṣiṣẹ́ pẹ̀lú àwọn àyídà tí Godot ń ṣe sí ohùn nígbà tí géèmù ń lọ lọ́wọ́. Ẹ yí ohùn eégún padà nínú Audacity, kí ẹ fi èyí tó ti yí tẹ́lẹ̀ sínú géèmù. Ó tán.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀. Kí a tó dìbò, ẹ jẹ́ kí ẹni méjì jókòó ní yàrá kọ̀ǹpútà ní Sátidé kan, kí wọ́n gé igba fáìlì náà, kí wọ́n fi àṣẹ òkè yìí sọ wọ́n di Ogg, kí wọ́n tún géèmù náà kó jáde. Lẹ́yìn náà, kí ọmọ kíláàsì àkọ́kọ́ mẹ́ta fetí sí igbá, igba, ìgbà àti igbà láti inú bíráúsà, kí wọ́n sọ èyí tí wọ́n gbọ́. Tí wọn ò bá lè mọ̀ ọ́n yàtọ̀ síra, tí olùkọ́ wa náà ò lè mọ̀ ọ́n, nígbà náà ni kí ẹ tó sọ fún mi pé ohùn wúwo jù.