Irorẹ́ Àgbọ̀n Tó Ń Lọ Tó Ń Bọ̀

Obìnrin kan wà ní ìlú Jọ́ọ̀sì, ẹni ọdún 33, tó ń ta aṣọ. Ó ti rò pé ọ̀rọ̀ irorẹ́ ti bá ìgbà ọmọge lọ. Àmọ́ láti bí ọdún méjì, kò sí oṣù tí mẹ́ta tàbí mẹ́rin kì í yọ sí i ní àgbọ̀n àti ìsàlẹ̀ ẹ̀rẹ̀kẹ́. Wọn kò pọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń le, wọ́n sì máa ń dun ún bí ó bá fọwọ́ kàn wọ́n. Á fi oògùn sí wọn, wọ́n á rọlẹ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan, á sì gbé oògùn náà tì. Bí oṣù mìíràn bá wọlé, wọ́n tún dé.

Ó pààrọ̀ ọṣẹ. Ó yẹra fún ẹ̀pà. Àwọn ọ̀rẹ́ ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni kò mọ́, kí ó lọ mu àgbo. Ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í sàmì sí kàlẹ́ńdà ni ojú rẹ̀ tó là: ní oṣù kan, irorẹ́ yọ ní ọjọ́ 12, nǹkan oṣù dé ní ọjọ́ 19, ní oṣù kejì, irorẹ́ yọ ní ọjọ́ 10, nǹkan oṣù dé ní ọjọ́ 17.

Họ́mọ́ọ̀nù kan tí wọ́n ń pè ní àńdírójìn wà lára ọkùnrin àti obìnrin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ti ọkùnrin pọ̀ jù. Òun ló máa ń mú kí àwọn àpò kéékèèké abẹ́ awọ tú òróró jáde. Lára ọ̀pọ̀ àgbàlagbà obìnrin, àwọn àpò tó wà ní àgbọ̀n ló máa ń tètè gbọ́ àṣẹ rẹ̀. Bí àwọn họ́mọ́ọ̀nù obìnrin yòókù bá lọ sílẹ̀ ní ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú nǹkan oṣù, ọwọ́ àńdírójìn á wá le jù tiwọn lọ. Ìdí nìyí tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kì í fi sábà rí àléébù kankan. Àńdírójìn ò pọ̀ jù, awọ ibẹ̀ ni etí rẹ̀ mú jù.

Ìdí tí irorẹ́ fi ń padà wá ni pé èyí tí ojú rí ti pẹ́ lábẹ́ awọ. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú ni awọ tó kú àti òróró ti dí ẹnu ihò irun, láìsí àmì kankan lóde. Ẹni tó ń tọ oògùn sórí kókó tó wú lónìí ń tọ́jú èyí tó fẹ́ lọ. Àwọn tó ń bọ̀ ní oṣù tó ń bọ̀ ti jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Nítorí náà, ìpara adapalíìnì, ìdá 0.1 nínú 100, ni dókítà awọ fún obìnrin náà, pé kí ó máa fi pa gbogbo àgbọ̀n àti ìsàlẹ̀ ẹ̀rẹ̀kẹ́, kì í ṣe orí irorẹ́ nìkan. Ìwọ̀n ẹyọ ẹ̀wà kan ni, ní alẹ́, lẹ́yìn tí ojú bá ti gbẹ: alẹ́ méjì péré lọ́sẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, kí ó tó máa pọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ojú rẹ̀ gbẹ, ó ń bó, irorẹ́ sì dà bíi pé ó pọ̀ sí i. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ obìnrin ti máa ń ju oògùn nù, òun náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jù ú nù. Ó dín in kù sí alẹ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, ó ń fi ìpara tí kò ní òróró tù ú. Nígbà tó fi di ọ̀sẹ̀ 12, ẹyọ kan ló yọ dípò mẹ́rin.

Aboyún tàbí ẹni tó ń retí oyún kò gbọ́dọ̀ lo adapalíìnì. Bẹnsọ́ìlì pẹrọ́sáídì, ìdá 2.5 nínú 100, ni wọ́n sábà máa ń fún irú wọn, àmọ́ ó máa ń bó àwọ̀ aṣọ ìnura àti ìrọ̀rí.

Àpá dúdú pẹrẹsẹ tí irorẹ́ fi sílẹ̀ kì í ṣe irorẹ́. Ó lè gba oṣù púpọ̀ kó tó ṣí, fífún irorẹ́ àti oòrùn sì ń mú un dúdú sí i. Nítorí àpá yìí ni àwọn mìíràn fi ń ra ìpara ìbóra tí wọ́n pò, tí kò ní orúkọ lára. Bí sítẹ́rọ́ídì bá wà nínú rẹ̀, irorẹ́ á rọlẹ̀ kíákíá, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti dáwọ́ dúró, kókó wẹ́wẹ́ tó bára dọ́gba á bo àgbọ̀n.

Bí nǹkan oṣù bá ń ju ọjọ́ 35 lọ kó tó dé, tí irun líle sì ń hù ní àgbọ̀n, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìpara nìkan mọ́. Ó yẹ kí dókítà wo họ́mọ́ọ̀nù àti ilé ẹyin. Ẹni tí irorẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn abẹ́rẹ́ tàbí ọ̀pá ìfètò-sọ́mọ-bíbí tí wọ́n fi sí apá náà gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún nọ́ọ̀sì.

Oṣù keje rèé tí obìnrin ará Jọ́ọ̀sì náà ti ń lo ìpara rẹ̀. Kókó kan ṣì máa ń yọ nígbà mìíràn bí nǹkan oṣù bá kù díẹ̀, àmọ́ kò gbé ìpara náà tì mọ́.