Má kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ nítorí àhesọ

1/ Mo wálé sí Òmù-Àrán lópin ọ̀sẹ̀, mo bá àbúrò mi tó ti tẹ lẹ́tà ìfiṣẹ́sílẹ̀ sórí fóònù. Wọ́n ní ilé iṣẹ́ wọn fẹ́ ṣe àtúntò. Ta ló sọ ọ́? "Bọ̀dá, gbogbo èèyàn ni. Mi ò ní dúró kí wọ́n lé mi." Mo ní kó má tíì fi ránṣẹ́. Ẹ gbọ́ ìdí ẹ̀.

2/ Mi ò ní irọ́ ni o. GSK lò ju 50 ọdún lọ ní Nàìjíríà, síbẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 2023 wọ́n kéde pé àwọn ń kógbá sílé. Ẹni tó bá ní "tiwa ò lè rí bẹ́ẹ̀" ń tan ara ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó sá kí lẹ́tà tó dé náà ń tan ara ẹ̀.

3/ Abala 20 nínú òfin iṣẹ́ Nàìjíríà ní tí ilé iṣẹ́ bá fẹ́ dín òṣìṣẹ́ kù, wọ́n gbọ́dọ̀ sọ ìdí ẹ̀ àti bó ṣe máa pọ̀ tó fún ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tàbí aṣojú wọn, kí wọ́n sì gbìyànjú láti dúnàádúrà lórí owó tí wọ́n máa san fún àwọn tó ń lọ. Tó o bá ti fọwọ́ ara ẹ kọ̀wé sílẹ̀, o ò sí lára àwọn yẹn mọ́. O ti bá ọ̀gá dín ìnáwó kù lọ́fẹ̀ẹ́.

4/ Òfin yẹn ò bo gbogbo èèyàn o. Àwọn ọ̀gá àti àwọn tó ń ṣiṣẹ́ akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ò sí níbẹ̀. Lẹ́tà tí wọ́n fi gbà ọ́ ló máa sọ tìẹ. Àbúrò mi ò mọ ibi tí tiẹ̀ wà! A wá a títí, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì la ti rí i. Ya fọ́tò tìẹ lónìí.

5/ Ó ní "owó ìfẹ̀yìntì mi á gbà mí." Ẹni tí ò tíì pé 50 ọdún gbọ́dọ̀ wà láìníṣẹ́ fún oṣù 4 kó tó lè gba nǹkan kan níbẹ̀, kò sì lè ju ìdá 25 nínú 100 lọ. ₦600,000 ló wà níbẹ̀: ₦150,000 ló máa rí. Kódà, yẹ̀ ẹ́ wò bóyá owó tí wọ́n ń yọ lóṣooṣù ń débẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ kan ń yọ ọ́, wọn kì í san án.

6/ Oṣù 4 yẹn ńkọ́? ₦110,000 ló ń dé ọwọ́ ẹ̀ lóṣù. Oúnjẹ, ilé, ọkọ̀ àti owó Màmá jẹ́ ₦70,000, torí náà oṣù 4 jẹ́ ₦280,000. ₦90,000 ló ní nílẹ̀. Tó bá lọ lónìí, owó ẹ̀ ò pé oṣù 2. Tó bá dúró, tó ń fi ₦40,000 pamọ́, oṣù 5 péré ló kù.

7/ Torí náà, kó máa wáṣẹ́ kiri láti orí iṣẹ́ tó wà, kó má yá owó kankan, kó sì jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ ara wọn kọ lẹ́tà wọn. Ó ti pa tiẹ̀ rẹ́. Ìwọ tó o ti tẹ tìẹ sórí fóònù ńkọ́?