Orin Jápa Tí Kò Ní Ẹrù

Ó ti sú mi. Bí mo bá tún gbọ́ orin kan sí i tí ẹni tó kọ ọ́ ń sọ pé ọ̀nà jìn, pé àárò ilé ń sọ òun, pé òkun wà láàárín òun àti ìyá òun, ṣe ni mo máa pa rédíò. Kì í ṣe pé irọ́ ni wọ́n ń pa. Òótọ́ ni ọ̀nà jìn. Ṣùgbọ́n ta ni ọ̀nà òkè òkun kò jìn fún? Ọmọ tó lọ kàwé ní Lọ́ńdọ̀nù lè kọ ọ́, ọmọ tó lọ sí Kánádà lè kọ ọ́, ẹni tí kò kúrò ní Ìbàdàn rí pàápàá lè jókòó sórí àga kó kọ ọ́ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí ẹni tí kò lọ síbì kankan bá lè kọ orin náà, kí wá ni ẹni tó lọ fi ìlọ rẹ̀ ṣe?

Mo lè bú wọn nítorí pé èmi náà ti kọ irú rẹ̀ rí. Ní ọdún 2016 ni mo kúrò ní Ìbàdàn lọ kàwé gboyè kejì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tó yá, ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ akọrin ní kí n bá òun kọ ọ̀rọ̀ orin nípa ìlọ mi yẹn. Ohun tí mo kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí i nìyí:

Mo filé sílẹ̀, mo lọ sọ́nà jíjìn,
Àárò ìyá mi ń sọ mí tọ̀sán-tòru,
Ìrìnàjò ayé ò rọrùn,
Olúwa, má fi mí sílẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi kọ ọ́, ó sì dùn létí, nítorí pé olóhùn iyọ̀ ni. Nígbà tó kọ ọ́ tán, ó bi mí léèrè pé, "Ìyá inú orin yìí, kí ni iṣẹ́ rẹ̀?" Mi ò lè dáhùn. Aṣọ ni ìyá tèmi ń tà ní ọjà Gbági, ó sì ti ń tà á kí wọ́n tó bí mi. Ìyá inú orin yẹn kò ta nǹkan kan. Kò lọ́wọ́, kò lẹ́sẹ̀. Àárò rẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀.

Àwọn tó fẹ́ràn irú orin bẹ́ẹ̀ ní àwíjàre kan, mo sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó máa ń ṣe orin ọ̀rẹ́ mi jáde. Ó ní bí ọ̀rọ̀ bá ṣe gbòòrò tó ni àwọn tó máa rí ara wọn nínú rẹ̀ ṣe máa pọ̀ tó. Pé bí a bá dárúkọ Gbági, ará Àkúrẹ́ lè yí rédíò síbòmíràn, kí a má tiì sọ ti ará Àkrà. Ó jọ òótọ́, àmọ́ kì í ṣe òótọ́. Orin ìlọkúròńlé tí gbogbo ayé mọ̀ jù lọ láti apá ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín ni "Sodade", èyí tí Cesária Évora ti Kepu Fẹ́ẹ̀dì kọ sínú àwo rẹ̀ ti ọdún 1992. Orin náà dárúkọ ọ̀nà tó lọ sí São Tomé, ó sì dárúkọ São Nicolau, erékùṣù kékeré kan. Àwọn ènìyàn ní Pàrísì àti Dàkà tí wọn kò lè tọ́ka sí São Nicolau lórí máàpù ti sunkún sí i. Ohun tí olùgbọ́ ń wá ni pé kí ẹnì kan ti kúrò níbì kan ní tòótọ́. Bí ó bá ti rí ìyẹn, yóò fúnra rẹ̀ fi ibi tirẹ̀ sí i.

Ilé wa gan-an sì ni ẹ̀kọ́ yìí wà. Ẹkún ìyàwó ni orin ìlọkúròńlé tí àwọn ọmọbìnrin Ọ̀yọ́ jogún. Ọmọbìnrin tó ń lọ ilé ọkọ dúró níwájú bàbá, ó dúró níwájú ìyá, ó tọrọ ìre lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan, ó sì ń pe oríkì wọn. Oríkì, bí ẹ ṣe mọ̀, kì í sọ pé ènìyàn dára kó dákẹ́. Ó máa ń sọ ohun tí ènìyàn ṣe, ibi tó ti ṣe é, àti ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Kò yé mi bí àwa tí a ní irú ogún yìí ṣe wá ń kọ orin bí ẹni ń kọ káàdì ìkíni ọdún.

Nígbà tí mo fẹ́ tún orin mi ṣe, àṣìṣe kejì ni mo bọ́ sí, èyí tí àwa tó kàwé máa ń ṣe jù. Mo kó ẹrù sínú orin. Mo kọ gàrí, mo kọ èlùbọ́, mo kọ ata gígún tí a fi láílọ́ọ̀nù mẹ́ta wé. Mo kọ òṣùwọ̀n pápákọ̀ òfurufú ní Ìkẹjà àti kílò 23 tí àpótí kò gbọ́dọ̀ kọjá. Mo kọ yìnyín, dájúdájú, nítorí pé kò sí ẹni tó lọ òkè òkun tí kì í kọ yìnyín. Ọ̀rẹ́ mi kà á, ó ní ó dà bí ìwé tí wọ́n ń kọ fún aṣọ́bodè. Gbogbo rẹ̀ ló ṣeé fojú rí, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan tó dun ẹnikẹ́ni. Ohun tí mo fi mọ̀ pé òótọ́ ló sọ ni pé mo yọ gàrí, mo fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ rọ́pò rẹ̀, orin náà kò sì yí padà rárá. Nǹkan tó bá ṣeé pààrọ̀ bẹ́ẹ̀ kò tíì di ara ìtàn. Ẹrù alájò ni.

Ohun tí mò ń sá fún ni mi ò tíì kọ. Kí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó fún akẹ́kọ̀ọ́ ní físà, ó gbọ́dọ̀ fi hàn pé owó ilé-ìwé tó kù láti san àti owó ìgbọ́bùkátà, tó lè tó ti oṣù mẹ́sàn-án, wà ní báńkì. Owó náà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ fún ọjọ́ 28 léraléra. Bó bá dín sí iye tí wọ́n sọ fún ọjọ́ kan péré, a ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́ láti oókan ni. Wọ́n gbà kó wà lórúkọ òbí, orúkọ ìyá mi ló sì wà. Apá kan jẹ́ owó tó yá lọ́wọ́ ẹgbẹ́ aláfowósowọ́pọ̀. Apá kejì ni owó tó yẹ kó fi ra ọjà. Nítorí náà, fún ọjọ́ 28, ìyá mi ní owó tó pọ̀ jù lọ tó ní rí láyé rẹ̀, kò sì lè fi ra ìgàn aṣọ kan. Pẹpẹ ìsọ̀ rẹ̀ ń ṣófo díẹ̀díẹ̀. Bí oníbàárà bá dé, yóò rẹ́rìn-ín, yóò ní kí wọ́n padà wá lọ́la. Àwọn kan nínú ọjà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ó ti wọko gbèsè. Èmi sì wà nílé, mò ń fi bírò pa ọjọ́ rẹ́ lórí kàlẹ́ńdà.

Ìtìjú ni kò jẹ́ kí n kọ ọ́. Ó rọrùn kí n sọ pé ọ̀nà jìn ju kí n sọ pé ìsọ̀ ìyá mi ṣófo nítorí mi. Nígbà tí mo wá jókòó tì í, ó gbà mí ní ọjọ́ púpọ̀ kí n tó yọ gbogbo ọ̀rọ̀ tó ń ṣàlàyé kúrò. Mo yọ ìfẹ́, mo yọ ìyà, mo yọ àárò. Ohun tó kù nìyí:

Ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n,
Owó ń sùn ní báńkì,
Pẹpẹ ṣófo ní Gbági.
Oníbàárà dé, ó bèèrè léèsì,
Màmá ní, "Ẹ padà wá lọ́la."

(Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì á gbọ́ pẹpẹ ìrúbọ nínú ìlà kẹta. Mi ò ní kí wọ́n má gbọ́ ọ.)

Ìlà tó gbẹ̀yìn yẹn ló fún mi ní ìparí orin. Láti ọjọ́ tí mo ti lọ, ìbéèrè kan náà ni ìyá mi ń bi mí lórí fóònù, èsì kan náà ni mo sì ń fún un, a ó sì jọ rẹ́rìn-ín:

Ọdún kẹta, fóònù dún,
Màmá ní, "Ọjọ́ wo lò ń bọ̀?"
Mo wo kọ́kọ́rọ́ yàrá lọ́wọ́ mi,
Mo ní, "Màmá, lọ́la ni."

Kí a tó lọ sí sítúdíò, mo ka gbogbo rẹ̀ fún ìyá mi lórí fóònù, nítorí pé ìsọ̀ rẹ̀ ni mo ń ṣí sílẹ̀ fún ayé wò. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní, "Kì í ṣe léèsì. Àǹkárá ni. Obìnrin tó fẹ́ ra aṣọ ẹbí ni. Kò sì padà wá." Ohun kan ṣoṣo tó ní kí n má ṣe kọ ni iye tó yá. Mo gbà fún un. Gbèsè náà kì í ṣe tèmi láti kà níwájú èrò.

Ẹni tí kò kọ orin Yorùbá rí lè rò pé kò sí ìṣòro nínú kí a fi àǹkárá rọ́pò léèsì. Ìṣòro wà níbẹ̀ o. Ohùn léèsì ń sọ̀ kalẹ̀, ti àǹkárá ń gòkè. Bí orin bá gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ ti sọ̀ kalẹ̀, etí yóò gbọ́ nǹkan mìíràn: ẹ kọ "mo wọ ọkọ̀" kí ẹ gbé ìparí rẹ̀ sókè, ọkọ́ tí wọ́n fi ń roko lẹ máa kó sí wa létí. Ọ̀rẹ́ mi ní láti tún ohùn ìlà náà ṣe pátápátá. Ó wá ń gòkè níbi tí oníbàárà ti ń bèèrè, ó sì ń balẹ̀ níbi tí Màmá ti ń dáhùn, èyí tó dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn ọ̀rọ̀ ńlá bí ìrìnàjò ayé kì í fún akọrin ní irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí pé kò sẹ́ni tó máa ṣe àtúnṣe fún wọn. Ta ni yóò pè yín pé ìrìnàjò ayé kọ́ lẹ rìn?

Olùgbéjáde wa kò tíì gbà. Ó ní kí a fi ìlà kan ṣoṣo kún un lẹ́yìn "lọ́la ni", tí yóò sọ fún àwọn ènìyàn pé ìyá ọmọ fara dà á nítorí ọmọ, kó lè yé wọn. Ọ̀rẹ́ mi bi í pé àwọn wo ni kò yé. Ó ní òun ń sọ̀rọ̀ àwọn ènìyàn lápapọ̀ ni. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ọmọkùnrin tó ń bá wọn tún wáyà ṣe ní sítúdíò wá bá ọ̀rẹ́ mi lẹ́nu ọ̀nà, ó ní bàbá òun ta ọ̀kadà rẹ̀ nígbà tí ẹ̀gbọ́n òun ń lọ sí Sáípúrọ́ọ̀sì, ó sì fẹ́ mọ̀ bóyá obìnrin aláǹkárá yẹn padà wá.