Ìwé ìpè ìyàwó kì í ṣe oríkì: ẹ jẹ́ ká gé e sí ìdajì

1/ Èrò tèmi rèé, ẹ má bínú sí mi: ọ̀pọ̀ ìwé ìpè ìyàwó tó ń wọlé sórí fóònù wa láti Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀ àti Emùré ló gùn ju ohun tó yẹ lọ ní ìlọ́po méjì. A lè gé e sí ìdajì, kí ọjọ́, ibi, aṣọ àti orúkọ ìdílé méjèèjì ṣì wà níbẹ̀ láìyingin. Ẹ bá mi ká lọ, a ó ṣe é níbí ni.

2/ Kí ló kan gígùn? Tí ọ̀rọ̀ bá ti gùn jù lórí Wásáàpù, ṣe ló máa ká a kò, á wá kọ “Read more” sábẹ́ rẹ̀. Ọpẹ́ àti àdúrà ló máa ń wà lókè, ọjọ́ á wà nísàlẹ̀. Ẹni tí kò bá tẹ̀ ẹ́, àdúrà nìkan ló rí. Ó ṣe “Àmín”, ó kọjá lọ. Nígbà tó bá ku ọjọ́ mẹ́ta, á pe ìyá ìyàwó: “Màmá, ọjọ́ wo gan-an lẹ ní?”

3/ Ẹ jẹ́ ká fi ìdílé Lágbájá àti ìdílé Tàmẹ̀dò ṣe àpẹẹrẹ, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé òun ni mò ń bá wí. Bí wọ́n ṣe kọ tiwọn nìyí:

“Pẹ̀lú ọpẹ́ ńlá sí Ọlọ́run Olódùmarè, Ẹni tí ó ń ṣe ohun gbogbo dáradára ní àsìkò tirẹ̀, ìdílé Lágbájá ti Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì pẹ̀lú ìdílé Tàmẹ̀dò ti Ìsẹ̀-Èkìtì ń fi tayọ̀tayọ̀ pe ẹ̀yin ẹbí, ará, ọ̀rẹ́ àti ojúlùmọ̀ wọn síbi ayẹyẹ ìdána alárinrin ti àwọn ọmọ wọn ọ̀wọ́n, Àbẹ̀kẹ́ àti Àjàní, tí yóò wáyé, bí Olúwa bá fẹ́, ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ 5, oṣù Kejìlá, ọdún 2026, ní agogo 10 òwúrọ̀, ní Ilé Lágbájá, Odò-Ọjà, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì. Aṣọ: gèlè àwọ̀ osàn fún àwọn obìnrin, fìlà àwọ̀ ewé fún àwọn ọkùnrin. Wíwá yín yóò jẹ́ ìwúrí ńlá fún wa. Ayọ̀ yóò kárí gbogbo wa.”

4/ Mo kà á: ọgọ́rùn-ún ọ̀rọ̀ géérégé. A fẹ́ kó di 50. Ohun àkọ́kọ́ ni pé ká má tíì gé nǹkan kan. Ẹ fa ìlà sábẹ́ ohun tí àlejò kò lè débẹ̀ láìmọ̀: ta ló ń pè mí, kí ni wọ́n ń ṣe, ọjọ́ wo, ibo, kí ni kí n wọ̀. Ohun tí ẹ fa ìlà sí, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ara ìyókù ni ọ̀bẹ máa ti jẹun.

5/ Ó yá, ọ̀bẹ dé. “Ẹbí, ará, ọ̀rẹ́ àti ojúlùmọ̀” di “yín”. Ẹni tí ìwé bá dé ọwọ́ rẹ̀ ti mọ̀ pé òun ni. “Ayẹyẹ ìdána alárinrin” di “ìdána”. Ṣé ẹ ti rí ẹni tó pe èèyàn síbi ìdána tí kò lárinrin rí? “Tí yóò wáyé” lọ pátápátá. “Fún àwọn obìnrin” àti “fún àwọn ọkùnrin” náà lọ, torí gèlè àti fìlà ti sọ ẹni tó ni wọ́n.

6/ Ẹ ṣọ́ra níbi aṣọ yẹn ṣá o. Tó bá jẹ́ pé ẹbí ìyàwó ní gèlè tiwọn, ẹbí ọkọ náà ní tiwọn, a ò lè gé “ẹbí ìyàwó” àti “ẹbí ọkọ” kúrò. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, àwọn ẹ̀gbọ́n Àjàní á wé gèlè ẹbí Àbẹ̀kẹ́ wá. Ẹ bi ara yín léèrè ṣáájú kí ẹ tó gé: tí ọ̀rọ̀ yìí bá kúrò, ṣé ẹnì kan lè ṣì í?

7/ Ọjọ́ ńkọ́? Àwọn kan máa ń gé e kù sí 5/12/2026. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. Ní Amẹ́ríkà, oṣù ni wọ́n ń kọ ṣáájú. Àǹtí tó wà lọ́hùn-ún á kà á sí ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún. Ẹ kọ orúkọ oṣù, kí ẹ sì jẹ́ kí “Àbámẹ́ta” dúró. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni, àmọ́ ẹ̀rí ni. Tí ọwọ́ ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ bá yọ̀ tó tẹ 6, ẹni tó bá wo kàlẹ́ńdà á rí i pé Àìkú ni ọjọ́ 6, á sì béèrè.

8/ Ibi náà ní ìdẹkùn tiẹ̀. “Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì” ò gbọdọ̀ di “Ìkẹ́rẹ́” lásán, àwọn ará Emùré ló sì yẹ kó gbọ́ èyí jù. Emùré-Èkìtì wà, Emùré-Ilé náà wà lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Àlejò tó ń bọ̀ láti Èkó lè gúnlẹ̀ síbòmíì pẹ̀lú aṣọ ẹbí lọ́rùn. Bó wù yín kí ẹ kọ “ulé” dípò “ilé”, kò burú, Èkìtì ṣáà ni wá. Àmọ́ ẹ kọ “Èkìtì” yẹn.

9/ Orúkọ ìdílé ni mo rí tí àwọn ọ̀dọ́ ń kọ́kọ́ gé: “Àbẹ̀kẹ́ àti Àjàní ń pè yín.” Ó kúrú lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn kọ́ ló ń pè wá. Níbi ìdána, ìdílé ló ń tọrọ, ìdílé ló ń fọmọ fún ìdílé. Bàbá àgbà tí kò mọ Àbẹ̀kẹ́ rárá á wá torí pé ó mọ ilé Lágbájá. Ẹ fi ìdílé méjèèjì sí i, kí ti ìyàwó ṣáájú, torí ilé wọn là ń lọ.

10/ Bó ṣe kù nìyí:

“Pẹ̀lú ọpẹ́ sí Olúwa, ìdílé Lágbájá ti Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì àti ìdílé Tàmẹ̀dò ti Ìsẹ̀-Èkìtì ń pè yín síbi ìdána àwọn ọmọ wọn, Àbẹ̀kẹ́ àti Àjàní.
Ọjọ́: Àbámẹ́ta, 5 oṣù Kejìlá 2026, agogo 10 òwúrọ̀.
Ibi: Ilé Lágbájá, Odò-Ọjà, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì.
Aṣọ: gèlè àwọ̀ osàn, fìlà àwọ̀ ewé.
Ayọ̀ yóò kárí gbogbo wa.”

Ẹ kà á. Àádọ́ta ni.

11/ Mo mọ̀ pé àwọn màmá wa á ní: “Ó ti gbẹ jù, ó dà bí ìwé iná mànàmáná.” Mo gbọ́. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi gé ọpẹ́ àti àdúrà tán. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin ni ọpẹ́ gbà lókè, àdúrà gba márùn-ún nísàlẹ̀. Tí màmá bá ṣì fẹ́ kó gùn, ẹ jẹ́ kó fi ohùn ara rẹ̀ ránṣẹ́ lọ́tọ̀, kó ṣàdúrà títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ohùn màmá dùn ju “alárinrin” lọ.

12/ Ẹ̀yìn ìyẹn, ẹ fún ẹnì kan tí kò mọ nǹkan kan nípa ìdána náà ní fóònù. Kó kà á lẹ́ẹ̀kan, kó dá a padà, kó wá sọ ọjọ́, ibi, aṣọ àti ilé tó ń pè é. Èyí tí kò bá lè sọ, òun lẹ gé jù. Tó bá sọ gbogbo ẹ̀, ẹ fi ránṣẹ́. A ó pàdé nídìí ìyán.